Ìkéde ilé-ẹ̀kọ́ tó ń jáde fúnra rẹ̀: ta ni yóò dá a dúró?

Bí olùkọ́ kan ní Lèma, láàárín àwọn òkè Ìdáàṣà, bá fẹ́ kọ̀wé sí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ pé kí ìkéde máa jáde fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ owó kò le. Ọ̀fẹ́ ni Meta Business Suite, àfi owó dátà. Lọ́jọ́ Ajé, olùkọ́ á kọ ìkéde ìpàdé òbí tọjọ́ Ẹtì, á yan aago méje àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Bí àkókò bá tó, á jáde lórí Fesibúùkù àti Ínsítágíráàmù ilé-ẹ̀kọ́ náà, kódà bí fóònù olùkọ́ bá ti kú.

Kò ní dé inú ẹgbẹ́ Wáàsáàpù àwọn òbí o. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ fọwọ́ gbé e síbẹ̀.

Èyí tó le jù ni pé bí wọ́n bá sún ìpàdé síwájú lálẹ́ Ọjọ́rú, ẹ̀rọ kò gbọ́. Ìkéde àtijọ́ á jáde, ìyá ọlọ́jà á pa àtẹ rẹ̀ tì, á wá bá ilẹ̀kùn ní títì. Nítorí náà, kí ìwé náà sọ ẹni méjì tí yóò ní àṣẹ lórí ojú ewé ilé-ẹ̀kọ́, kí ọ̀kan nínú wọn máa wo Planner lálaalẹ́. Ìkéde tó bá ṣì ń dúró de àkókò rẹ̀ níbẹ̀, wọ́n lè yí ọjọ́ rẹ̀ padà tàbí kí wọ́n pa á rẹ́.