Ẹni Tó Ṣáájú Olùbánisọ̀rọ̀ Wà Lára Ọ̀rọ̀ Rẹ̀

Ní ọdún 1976, onímọ̀ kan nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, Delos Wickens, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, gbé ìdánwò kan jáde tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń ṣètò àpérò mọ̀. Wọ́n pín àwọn ènìyàn sí ọ̀wọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n á sọ orúkọ nǹkan mẹ́ta fún wọn, wọ́n á ní kí wọ́n máa ka òǹkà sẹ́yìn fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n má bàa ráyè tún orúkọ náà sọ nínú ọkàn wọn, lẹ́yìn náà ni wọ́n á ní kí wọ́n dárúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ṣe é. Nígbà kẹrin, orúkọ èso ni gbogbo ọ̀wọ́ gbọ́. Ohun tí wọ́n ti gbọ́ ṣáájú nìkan ló yàtọ̀: èso ni àwọn kan ti ń gbọ́ bọ̀, àwọn kan gbọ́ ẹ̀fọ́, àwọn kan gbọ́ òdòdó, àwọn kan gbọ́ ẹran, àwọn tó kù gbọ́ orúkọ iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe.

Àwọn tó ti ń gbọ́ èso láti ìbẹ̀rẹ̀ ló gbàgbé jù. Àwọn tó gbọ́ ẹ̀fọ́ fi díẹ̀ sàn jù wọ́n lọ. Bí ohun tí ènìyàn kọ́kọ́ gbọ́ bá ṣe jìnnà sí èso tó ni ìrántí rẹ̀ ṣe ń dára sí i, àwọn tó sì ti orí orúkọ iṣẹ́ bọ́ sórí èso ló rántí jù lọ. Èso kan náà ni gbogbo wọn gbọ́ o. Ohun tó ṣáájú rẹ̀ ló sọ bóyá yóò dúró sọ́kàn tàbí kò ní dúró.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú gbọ̀ngàn àpérò nìyẹn. Olùbánisọ̀rọ̀ lè múra dáadáa, kí ohùn rẹ̀ dùn, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì pé, ṣùgbọ́n bí ẹni tó ṣáájú rẹ̀ bá ti sọ ohun tó jọ tirẹ̀, pẹ̀lú irú àwòrán kan náà lára ògiri, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì yóò wọnú ara wọn. Lọ́jọ́ kejì, ẹni tó wá síbẹ̀ kò ní mọ ẹni tó sọ èwo mọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan, ká tò ó títí dópin. Ká sọ pé àwọn àgbẹ̀ oníkòkó fẹ́ ṣe àpérò ọlọ́jọ́ kan nílùú Ìbàdàn, nínú gbọ̀ngàn kan ṣoṣo. Olùbánisọ̀rọ̀ mẹ́jọ ló gbà láti wá. Onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan yóò sọ̀rọ̀ lórí iye tí wọ́n ń ra kòkó lọ́jà àgbáyé. Lọ́yà kan yóò ṣàlàyé òfin tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ṣe lọ́dún 2023, tó ní kí kòkó tí wọ́n gbìn sórí ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ run lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020 má ṣe wọ ọjà wọn. Òṣìṣẹ́ báǹkì kan yóò sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀yáwó. Onímọ̀ kan ń bọ̀ lórí àrùn tó ń sọ èso kòkó di dúdú, òmíràn ń bọ̀ lórí kòkòrò tó ń mu omi ara èso àti ọ̀mùnú. Ẹnì kan yóò fi bí wọ́n ṣe ń fi ewé bo hóró kòkó àti bí wọ́n ṣe ń sá a hàn. Ìyá kan yóò sọ bó ṣe sọ oko bàbá rẹ̀ tó ti gbó di ọ̀tun. Ọ̀dọ́ kan tó ń ṣe ṣokoléètì ló ṣe ìkẹjọ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ máa kọ́kọ́ ṣe ni pé kí wọ́n kó ohun tó jọra pọ̀: ọ̀rọ̀ owó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láàárọ̀, àrùn àti kòkòrò tẹ̀ lé e, kí ìyókù wà lẹ́yìn oúnjẹ. Ó mọ́ lójú nínú ìwé ètò. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó yóò gbọ́ iye owó, òfin owó àti ẹ̀yáwó fún wákàtí méjì gbáko láìsí ìsinmi. Ṣe ló máa dà bí èso, èso, èso.

Bí mo ṣe máa ń dá a lábàá rèé. Kọ olùbánisọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sórí káàdì tirẹ̀, kí o sì kọ nǹkan mẹ́ta sí abẹ́ orúkọ rẹ̀: kí ni ọ̀rọ̀ náà dá lé, báwo ni yóò ṣe sọ ọ́, ṣé ìtàn ni, ṣé òǹkà ni, ṣé àwòrán ni, ṣé nǹkan tí ènìyàn máa fọwọ́ kàn ni, báwo ló sì ṣe máa gba ọpọlọ tó. Má fi orí ọ̀rọ̀ nìkan mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ní kí kálukú fi kókó mẹ́ta tó fẹ́ sọ ránṣẹ́, nítorí orí ọ̀rọ̀ méjì lè yàtọ̀ síra kí ohun inú wọn jẹ́ ọ̀kan náà. Lẹ́yìn náà ni kí o tẹ́ káàdì sórí tábìlì. Káàdì méjì tó bá fara kanra kò gbọdọ̀ bára mu nínú ohun tí wọ́n dá lé, kò sì yẹ kí wọ́n bára mu nínú bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́.

Kọ́kọ́ fi ohun tí kò ṣeé yí sí àyè rẹ̀. Onímọ̀ ọrọ̀ ajé wa gbọ́dọ̀ padà sí Èkó kí ọ̀sán tó pọ́n, nítorí náà àárọ̀ ni tirẹ̀. Aago méjìlá ààbọ̀ ni oúnjẹ. Lẹ́yìn oúnjẹ ni ibi tó le jù nínú gbogbo ọjọ́. Ara ẹ̀dá fúnra rẹ̀ máa ń rẹ̀ díẹ̀ ní nǹkan bí aago kan sí mẹ́ta ọ̀sán, kódà bí ènìyàn ò bá jẹun. Àmàlà kàn ń fi kún un ni. Bí o bá wá paná gbọ̀ngàn kí àwòrán lè hàn lára ògiri, o ti tẹ́ ẹní fún wọn. Ẹni tó ń fi kòkó hàn ni mo máa fi síbẹ̀. Ó lè gbé hóró kòkó sórí tábìlì, kí àwọn ènìyàn dìde, kí wọ́n mú ọ̀bẹ, kí wọ́n la hóró sí méjì: èyí tí wọ́n bò dáadáa máa ń ní àwọ̀ igi nínú, èyí tí kò bò tó máa ń pọ́n bí àwọ̀ àlùkò, èyí tí wọn kò bò rárá máa ń rí bí eérú. Kò sẹ́ni tó ń sùn pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́.

Ìyá àgbẹ̀ ni yóò ṣí ọjọ́, ogún ìṣẹ́jú péré, nítorí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ni ìtàn rẹ̀ kàn. Iye owó kòkó tẹ̀ lé e, nígbà tí orí ṣì fúyẹ́ láti gba òǹkà. Àrùn àti kòkòrò wá gba ìṣẹ́jú àádọ́ta. Lẹ́yìn tíì ni òfin Yúróòpù, nítorí ó le, ó sì fẹ́ ọpọlọ tó ti sinmi. Oúnjẹ. Hóró kòkó àti ọ̀bẹ. Ẹ̀yáwó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kó má kọjá bẹ́ẹ̀. Ṣokoléètì ló kẹ́yìn, pẹ̀lú ìtọ́wò. Ọ̀rọ̀ owó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wá jìnnà síra báyìí. Ó ní ohun tí èyí ń náni, nítorí òṣìṣẹ́ báǹkì kò ní lè gbára lé iye owó tí àwọn ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́. Kí ìgbìmọ̀ fi ọ̀rọ̀ onímọ̀ ọrọ̀ ajé ránṣẹ́ sí i ṣáájú, kó lè rán wọn létí ní gbólóhùn kan.

Ẹ ó ti rí i pé mo fi àrùn àti kòkòrò sí ibì kan náà. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ló ń da àwọn méjèèjì pọ̀, tí wọ́n ń fi oògùn kòkòrò wọ́n èso tí àrùn mú, owó wọn á sì ṣègbé. Níbi tí ìyàtọ̀ gan-an bá ti jẹ́ ohun tí ènìyàn wá kọ́, ó yẹ kí ohun méjì tó jọra dojú kọra. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe sọ̀rọ̀ tẹ̀ léra bí ẹni méjì tí kò mọra. Kí àwọn onímọ̀ méjèèjì jókòó pọ̀, kí atọ́kùn máa gbé èso tó bàjẹ́ sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó máa bi wọ́n pé: ti ta nìyí?

Ohun tó ń ba gbogbo ètò yìí jẹ́ jù nílé wa ni ìṣíde. Àdúrà, orin orílẹ̀-èdè, ìdánimọ̀ àwọn tó wà lórí tábìlì gíga, ọ̀rọ̀ alága, lẹ́yìn náà ìkíni ku oríire láti ẹnu ènìyàn márùn-ún tàbí mẹ́fà, tí gbogbo rẹ̀ jọra. Nígbà tí ìyá àgbẹ̀ bá máa fi dìde, aago mẹ́wàá ààbọ̀ ti lù. A ò lè gba ọ̀wọ̀ lọ́wọ́ àgbà, ṣùgbọ́n a lè pín in. Kí ẹnì kan nínú wọn kí àwùjọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìpín kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn tíì, lẹ́yìn oúnjẹ, fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹni tí ipò rẹ̀ ga jù ni ká lọ bá nílé ká tó kọ ìwé ètò, ká sì ṣàlàyé fún un pé ọlá ló wà ní ìparí.

Ọlá ni lóòótọ́. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ ọdún 1963, nígbà tí bí ènìyàn 250,000 kóra jọ sí Washington láti bèèrè iṣẹ́ àti òmìnira, Martin Luther King ló sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn nínú àwọn olùbánisọ̀rọ̀ ńlá. Oòrùn ti mú àwọn ènìyàn fún wákàtí púpọ̀. Ẹ wo ohun tó wà níwájú rẹ̀: orin Mahalia Jackson, lẹ́yìn náà Rábì Joachim Prinz, tí wọ́n lé kúrò ní Jámánì ìgbà Hitler, tó sọ̀rọ̀ lórí ibi tí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ń gbé ènìyàn dé. Ìdájọ́ òdodo ni gbogbo wọn ń bèèrè, ṣùgbọ́n orin ni ọ̀kan, ìrírí ilẹ̀ mìíràn ni èkejì.

Àpérò àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀, níbi tí yàrá mẹ́wàá ti ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí nínú òfin yìí. Níbẹ̀, ẹni tó wá nítorí àrùn kòkó fẹ́ kí gbogbo ọ̀rọ̀ àrùn wà nínú yàrá kan, ó sì tọ̀nà. Gbọ̀ngàn kan tí gbogbo ènìyàn jọ jókòó sí ni mò ń sọ.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ètò yín ń ṣiṣẹ́, ẹ fi ẹnì kan sẹ́yìn gbọ̀ngàn. Kó ka àga tó ṣófo nígbà tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bá bẹ̀rẹ̀, kó sì fetí sí ìbéèrè. Bí ìbéèrè tí wọ́n bi olùbánisọ̀rọ̀ kejì bá jẹ́ ti ẹni àkọ́kọ́, tàbí tí òun fúnra rẹ̀ bá ń sọ pé "bí ẹni tó ṣáájú mi ti sọ" léraléra, àwọn méjèèjì ti sún mọ́ra jù.

Bí ẹnì kan bá sì kọ̀ tí kò wá, ẹ má kàn fa gbogbo ìyókù síwájú. Bí onífihàn kòkó kò bá dé, òfin Yúróòpù yóò wá fẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀yáwó, ní ìdajì ọ̀sán, pẹ̀lú àmàlà nínú. Gbé ṣokoléètì wá sí àyè rẹ̀, kí àwọn onímọ̀ àrùn àti kòkòrò sì padà wá gba ìbéèrè lẹ́yìn ẹ̀yáwó. Kí ẹnì kan wà nílẹ̀ pẹ̀lú, tó lè sọ ìtàn ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láìfi àwòrán ṣe, fún ìgbà tí iná bá lọ tí jẹnẹrétọ̀ sì ń ṣe orí kunkun.