Ojú Ìwé Mẹ́sàn-án Lójúmọ́

Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ló ní ìwé kan nílé tí wọ́n ti rà láti ọdún tó kọjá, tí wọ́n fi pépà há ojú ìwé ogún tàbí ọgbọ̀n, tí wọn ò sì tíì kúrò níbẹ̀. Wọ́n á ní àwọn ò ráyè, òótọ́ sì ni. Ẹni tó ń jí láago márùn-ún, tí kì í wọlé títí di aago mẹ́jọ alẹ́, níbo ló ti fẹ́ ráyè? Ṣùgbọ́n ohun tí mo ń rí ni pé wọn ò tíì jókòó ṣírò iye àkókò tí ìwé kan ń gbà. Ọjọ́ ìsinmi ni wọ́n ń retí, kí wọ́n lè fi gbogbo ọ̀sán kàwé. Ọjọ́ ìsinmi á sì dé tòun ti òde ìgbéyàwó àti aṣọ fífọ̀.

Ẹ mú ìwé tí ẹ fẹ́ kà, ẹ kà á fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bí ẹ ṣe máa ń kàwé gan-an, láìsáré, kí ẹ wá wo ojú ìwé mélòó lẹ kà. Ká ní obìnrin kan ń gbé Ìkòròdú, ó ń ṣiṣẹ́ n'Íkẹjà, ìwé ọwọ́ rẹ̀ sì jẹ́ ojú ìwé 216. Ojú ìwé 6 ló kà ní ìṣẹ́jú 15. Tó bá ń ka mẹ́fà lójoojúmọ́, ọjọ́ 36 ni yóò fi parí rẹ̀, oṣù á ti kọjá. Kò sì sóṣù tí kì í ní ọjọ́ tiẹ̀ tó máa bà jẹ́: ara ọmọ kò yá, àlejò dé, ọkọ̀ bà jẹ́ lójú ọ̀nà. Kó yọ ọjọ́ mẹ́fà sílẹ̀ fún irú ìyẹn. Ọjọ́ 24 ló kù, ojú ìwé 9 ló sì kan ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ìṣẹ́jú 23 nìyẹn: mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láàárọ̀, mẹ́jọ lálẹ́.

Ibi tí yóò fi ìṣẹ́jú wọ̀nyí sí ló ṣòro jù. Kó má ṣe so ìwé kíkà mọ́ aago, torí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Èkó kò mọ aago. Kó so ó mọ́ ohun tó ń ṣe lójoojúmọ́ tí kì í gbàgbé. Bó bá ti jókòó sínú bọ́ọ̀sì, tó sanwó ọkọ̀ tán, kó ṣíwèé kó tó mú fóònù jáde. Bí ìwé kíkà nínú ọkọ̀ bá ń kọ́ ọ lójú, kó dúró dìgbà tó bá gbé báàgì kalẹ̀ ní ọ́fíìsì, kó tó tan kọ̀ǹpútà. Ti alẹ́ ńkọ́? Bó bá ti fi fóònù sórí iná, kó fi í sílẹ̀ ní pálọ̀, kó mú ìwé wọ yàrá.

Phillippa Lally àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe ìwádìí kan tó jáde ní 2009 lórí bí nǹkan ṣe ń mọ́ èèyàn lára. Àwọn 96 tó kópa yan ohun kan tí wọn yóò máa ṣe lójoojúmọ́, wọ́n sì so ó mọ́ nǹkan tí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ìdá kan nínú méjì àwọn tí wọ́n rí ìṣirò tiwọn ṣe dáadáa kò nílò ju bí ọjọ́ 66 lọ, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ pọ̀: ti ẹnì kan jẹ́ 18, ti ẹlòmíì 254. Ẹni tó sì pa ọjọ́ kan jẹ kò tìtorí ẹ̀ padà sẹ́yìn. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fi oṣù kìíní dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́. Ìṣirò ni yóò parí ìwé àkọ́kọ́, kì í ṣe àṣà.

Bọ́jọ́ bá bọ́, kó má ṣe ka méjìdínlógún lọ́jọ́ kejì láti fi san gbèsè. Kó tún ìṣirò ṣe ni. Ká ní ó parí ọjọ́ 15 lójú ìwé 90. Ojú ìwé 126 ló kù, ọjọ́ 14 ni yóò sì gbà á. Nínú ọjọ́ 15 tó kù nínú oṣù, ọjọ́ kan ṣoṣo ló lè bọ́ mọ́. Ó ti mọ ibi tọ́rọ̀ dé nìyẹn.

Bó bá ń ka ojú ìwé kan náà lẹ́ẹ̀mejì lálẹ́ tí kò sì rántí nǹkan kan, oorun ni, kì í ṣe ìwé. Kó gbé ìṣẹ́jú mẹ́jọ yẹn lọ sákòókò oúnjẹ ọ̀sán. Bó bá sì jẹ́ àárọ̀ tójú rẹ̀ dá ló ń wá àwáwí láti má ṣí i, tó sì ti lé láàádọ́ta ojú ìwé, ìwé náà ni kò bá a lára mu. Kó gbé e tì, kó mú òmíràn.

Ẹni tó fẹ́ ka ìwé Yorùbá gbọ́dọ̀ wọn ìyẹn lọ́tọ̀, torí Gẹ̀ẹ́sì lojú ọ̀pọ̀ wa mọ́ nílé ìwé, ojú a sì máa falẹ̀ lórí àmì ohùn. Ẹ ka orí àkọ́kọ́ sókè. Etí á gbọ́ ọ̀rọ̀ tójú ò tètè mọ̀. Mo máa ń ní kí wọ́n fi Ó Le Kú tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ bẹ̀rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu pọ̀ nínú rẹ̀, kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ Fágúnwà tí gbólóhùn rẹ̀ gùn.

Bí ìwé bá ti ku bí ogún ojú ìwé, kí ìwé oṣù tó ń bọ̀ ti wà nínú báàgì. Ọjọ́ méjì mẹ́ta téèyàn fi ń wá ìwé míì kiri ni fóònù máa ń gba ìjókòó bọ́ọ̀sì padà.