Fóltì 12 tó di 12.9: ohun tí ìlà wúrà ara rẹsísítọ̀ ń sọ fún wa

Àwọn tó ń lo sólà àti ínfátà nílé ti ń fi bọ́ọ̀dù Àdúínò ṣe ohun tó ń bá wọn ṣọ́ bátìrì. Iṣẹ́ náà ò le lójú: bọ́ọ̀dù á máa ka fóltéèjì bátìrì, á máa gbé e sójú sikirínì, bó bá sì ti lọ sílẹ̀ jù, á gé iná kí bátìrì má baà bàjẹ́. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ tí bọ́ọ̀dù fólítì 5 fi ń ka fóltéèjì ò gbà ju fóltì 5 lọ, bátìrì sì wà ní fóltì 12. Bí sólà bá ń ṣáàjì ẹ̀ lọ́wọ́, ó lè dé 14.4. Ohun tí gbogbo èèyàn ń ṣe sí i ni pé wọ́n á fi rẹsísítọ̀ méjì dín fóltéèjì náà kù. Rẹsísítọ̀ méjì yẹn ni mo fẹ́ ká wò dáadáa lónìí, torí ìlà wúrà kékeré tó wà lára wọn lè mú kí bátìrì tó ti ń tán lọ máa ṣe bí ẹni tó kún.

Bí wọ́n ṣe ń so ó rèé. Wọ́n á so R1 mọ́ pọ́sítíìfù bátìrì, wọ́n á so R2 mọ́ ìdí R1, wọ́n á wá so ìdí R2 mọ́ nẹ́gétíìfù. Ibi tí R1 àti R2 ti pàdé ni wáyà ti ń jáde lọ sí ẹsẹ̀ Àdúínò. Ẹ jẹ́ ká pe gbogbo ètò yìí ní apínfóltéèjì. Iná kan náà ló ń gba inú méjèèjì kọjá, torí náà èyí tí óòmù rẹ̀ bá pọ̀ jù ló ń mú fóltì tó pọ̀ jù. Ohun tó ń jáde ni:

Vout = Vin × R2 / (R1 + R2)

Ká ní R1 jẹ́ 30 kílò óòmù, R2 sì jẹ́ 10. Mẹ́wàá nínú ogójì jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin, nítorí náà fóltì 12 á di 3, 14.4 á di 3.6. Nínú kóòdù, ẹ ó kàn sọ ohun tí bọ́ọ̀dù bá kà di ìlọ́po mẹ́rin, ẹ ti rí fóltéèjì bátìrì yín nìyẹn.

Àmọ́ rẹsísítọ̀ tí wọ́n pè ní 30 lè má jẹ́ 30 géérégé. Ẹ wo àwọ̀ ara ẹ̀: ọsàn, dúdú, ọsàn, lẹ́yìn náà wúrà. Mẹ́ta àkọ́kọ́ ló ń sọ pé 30 kílò óòmù ni. Wúrà ló ń sọ tọ́lẹ́ráǹsì rẹ̀, ìyẹn bó ṣe lè yàtọ̀ sí 30 tó. Ti wúrà jẹ́ 5%: ó lè wà ní 28.5, ó lè wà ní 31.5, ó sì lè wà níbikíbi láàárín wọn. Èyí tí wọ́n pè ní 10 náà lè wà láti 9.5 dé 10.5. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ò rẹ́ yín jẹ o. Wọ́n ti kọ ọ́ sí i lára.

Tí ẹ bá bi àwọn èèyàn pé báwo ni ohun tó ń jáde ṣe lè yà tó, àwọn kan á ní 5% ni, ṣebí 5% ni wọ́n kọ sára rẹsísítọ̀. Àwọn mìíràn á ní rẹsísítọ̀ méjì ni, nítorí náà 10% ni. Kò sí èyí tó bọ́ sí i nínú méjèèjì. Ẹ jẹ́ ká ṣe é pẹ̀lú nọ́ńbà.

Ká kọ́kọ́ ní rẹsísítọ̀ méjèèjì ga sókè pọ̀, 31.5 àti 10.5. 10.5 nínú 42 ṣì jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin. Kò sí nǹkan tó yí padà rárá! Bí méjèèjì bá jọ lọ sílẹ̀ náà, bákan náà ni. Apínfóltéèjì ò bìkítà nípa iye óòmù tó wà lára wọn. Bí èkíní ṣe tó lára èkejì nìkan ló ń wò.

Wàhálà ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá kẹ̀yìn síra wọn. Bí R1 bá lọ sílẹ̀ sí 28.5 tí R2 sì ga sí 10.5, 10.5 nínú 39 ló máa kù, fóltì 12 á sì di 3.23 dípò 3. Bí R1 bá ga sí 31.5 tí R2 lọ sílẹ̀ sí 9.5, 9.5 nínú 41 ni, fóltì 12 á di 2.78. Nítorí náà ohun tó ń jáde wà láàárín 2.78 àti 3.23. Ìyẹn fi nǹkan bíi 7.7% ju 3 lọ lókè, ó sì fi 7.3% dín sí i nísàlẹ̀.

Ẹnì kan lè béèrè pé báwo la ṣe mọ̀ pé kò sí ibòmíì láàárín, bóyá nígbà tí R1 bá jẹ́ 29.1 tí R2 jẹ́ 10.2, tó burú jù báyìí lọ. Ìdí ni pé bí R2 bá ṣe ń ga, ohun tó ń jáde á máa ga ni, kò ní pẹ̀yìn dà láé. Bí R1 bá ṣe ń ga, ohun tó ń jáde á máa lọ sílẹ̀ ni, òun náà ò ní pẹ̀yìn dà. Ẹni tó ń gun òkè tí kò ní kòtò lójú ọ̀nà, òkè pátápátá ló máa ga jù sí. Nítorí náà àwọn igun mẹ́rin la ní láti yẹ̀ wò. Tí ẹ bá fẹ́ kí kọ̀ǹpútà bá yín ṣe é:

```
V = 12.0
for a in (0.95, 1.05):
    for b in (0.95, 1.05):
        r1 = 30000 * a
        r2 = 10000 * b
        print(a, b, V * r2 / (r1 + r2))
```

Ẹ ó rí 3 lẹ́ẹ̀mejì, 3.23 lẹ́ẹ̀kan, 2.78 lẹ́ẹ̀kan.

Kí ni èyí wá túmọ̀ sí fún bátìrì? Kóòdù yín ò mọ̀ pé rẹsísítọ̀ yà. Ìlọ́po mẹ́rin ló ṣì ń ṣe. Níbi tó ga jù, fóltì 12 á fara hàn bíi 12.92. Bátìrì olómi ásíìdì tó kún, tó ti sinmi, sábà máa ń wà ní nǹkan bíi 12.7, tó bá ti dé 12.0, ohun tó kù nínú ẹ̀ ò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Ẹ rí i pé sikirínì ń sọ pé bátìrì kún bámúbámú nígbà tó ti ń wá ibi tó máa sùn sí. Ká ní ẹ ti sọ fún bọ́ọ̀dù pé kó gé iná ní 12.0, kò ní gé e títí bátìrì á fi já sí 11.14 gan-an. Bí bátìrì ásíìdì bá ń lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ léraléra, kì í pẹ́ kú.

Ìdàkejì rẹ̀ tiẹ̀ ń pani lẹ́rìn-ín díẹ̀. Níbi tó lọ sílẹ̀ jù, bátìrì tó kún ní 12.7 á fara hàn bíi 11.77, bọ́ọ̀dù á sì gé iná lójú ẹsẹ̀. Onílé á máa bú ẹni tó ta bátìrì fún un, bátìrì ò sì ṣe nǹkan kan.

Iye tó ń yà yìí kì í ṣe 7 àti díẹ̀ nígbà gbogbo. Bí ẹ ṣe ń pín in ló ń sọ ọ́. Ká ní rẹsísítọ̀ méjèèjì jẹ́ 10, tí fóltì 12 ń di 6, ohun tó burú jù á jẹ́ 10.5 nínú 20, ìyẹn 5% géérégé. Tí ẹ bá sì fi 110 àti 10 sọ 12 di 1, igun òkè á gbé e dé 1.096, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 10%. Bí ẹ bá ṣe ń gé fóltéèjì kù tó ni àṣìṣe ṣe ń sún mọ́ ìlọ́po méjì tọ́lẹ́ráǹsì. Ọ̀nà kúkúrú tí èmi máa ń lò nìyí, tí t jẹ́ tọ́lẹ́ráǹsì, tí k sì jẹ́ ìdá tí ẹ fẹ́ kó jáde:

2 × t × (1 − k)

Fún tiwa, 2 × 5% × 0.75 jẹ́ 7.5%, ó sì wà láàárín 7.3 àti 7.7 tá a rí lókè. Tí ẹ bá fẹ́ ẹ géérégé, ẹ padà sí igun mẹ́rin.

Ibì kan tún wà tí èyí ti máa ń mú èèyàn. Àwọn kan á fẹ́ lo gbogbo àyè fóltì 5 tí bọ́ọ̀dù ní, wọ́n á wá fi 20 àti 10 pín in. 14.4 á di 4.8, wọ́n á ní ó ṣì kéré sí 5. Ní igun òkè, 10.5 nínú 29.5 ni, 14.4 yẹn á di 5.13. Bọ́ọ̀dù ò lè kà ju 5 lọ, nọ́ńbà rẹ̀ á dúró sí 1023 bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀. Ìdí tí mo fi yan 30 nìyẹn. Igun òkè rẹ̀ ò kọjá 3.88 fún 14.4.

Tí ẹ bá rí rẹsísítọ̀ oní 1%, tí ìlà ìparí rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ búráùn, ẹ ra ìyẹn. Pẹ̀lú 30 àti 10 kan náà, fóltì 12 á máa fara hàn láàárín 11.82 àti 12.18. Ìyẹn ṣì tó láti da kíkún àti àbọ̀ pọ̀ díẹ̀, àmọ́ kò ní sọ bátìrì òfìfo di kíkún.

Ẹni tó ń ṣe ẹyọ kan péré fún ilé ara ẹ̀ lè máa lo oní 5% lọ, kó ṣáà fi mítà ṣàtúnṣe. Ẹ fi mítà wọn bátìrì, ẹ wọn ibi tí R1 àti R2 ti pàdé, ẹ fi èkejì pín èkíní. Ká ní bátìrì jẹ́ 12.40, àárín jẹ́ 3.25: 3.815 nìyẹn, òun lẹ máa fi rọ́pò 4 nínú kóòdù. Fún 30 àti 10 oní 5%, nọ́ńbà yìí gbọ́dọ̀ wà láàárín 3.71 àti 4.32. Bó bá bọ́ síta, kì í ṣe ẹjọ́ tọ́lẹ́ráǹsì mọ́: ẹ ti ka àwọ̀ kan ṣì, tàbí ibi tí ẹ jó lẹ́ẹ̀dì sí ò dì mú dáadáa.

Ẹni tó ń ṣe ogún láti tà ni kò gbọ́dọ̀ gbára lé pé ti àkọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Àwọn rẹsísítọ̀ tó wá nínú páálí kan náà sábà máa ń yà sí apá kan náà, á sì fọ́wọ́ bo ara wọn láṣìírí bíi ti 31.5 àti 10.5 yẹn. Lọ́jọ́ tí R1 bá ti inú páálí mìíràn wá, kò sẹ́ni tó ṣèlérí ìyẹn fún yín. Láàárín 2.78 àti 3.23 nìkan ni ìlérí tó wà.

Ohun tí ìṣirò yìí ò kà mọ́ ọn ni fóltì 5 tí bọ́ọ̀dù fi ń ṣe òṣùwọ̀n. Bí ẹ bá ń fi wáyà kọ̀ǹpútà gbé e, 5 yẹn lè jẹ́ 4.8, tí ẹ bá sì gbé e lọ sórí ádábítọ̀, ó tún lè yí padà, gbogbo nọ́ńbà ojú sikirínì á sì tẹ̀ lé e. Torí náà orí ohun tí bọ́ọ̀dù máa lò títí lọ ni kẹ́ ẹ ti fi sikirínì wé mítà.