Sátidé Wo Ni? Bí A Ṣe Ń Kọ Ọ̀rọ̀ Fídíò Àfihàn Ìkànnì

Bí ẹni tí kò tíì tẹ Subscribe bá dé ojú ewé ìkànnì yín lórí YouTube, fídíò kan lè máa dúró dè é lókè pátápátá, tí yóò bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà ló fi ń wò ó. Fídíò àfihàn nìyẹn. Iṣẹ́ méjì ló ní: kó jẹ́ kí àlejò mọ ohun tí yóò máa bá níbẹ̀, kó sì sọ ìgbà tí fídíò tuntun ń jáde fún un. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ àkọ́kọ́ dé ìdajì, tí wọn kì í sì í dárúkọ èkejì rárá. Lójú tèmi, èkejì yìí ló ṣòro kọ jù, torí àdéhùn ni.

Ẹ jẹ́ ká mú aránṣọ kan n'Íbàdàn, ká ní ó ń fi Yorùbá kọ́ni bí a ṣe ń rán bùbá, ìró àti agbádá. Ohun tó kọ́kọ́ máa wá sí i lọ́kàn láti kọ kò ní ju èyí lọ: “Ẹ káàbọ̀ sórí ìkànnì mi o. Orúkọ mi ni Lágbájá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ní in lọ́kàn láti máa kọ́ àwọn èèyàn...” Ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí ni, kò sẹ́ni tó lè bá a wí. Àmọ́ bí ẹ bá tan aago fóònù, tí ẹ sì kà á sókè bí ẹni ń sọ̀rọ̀, ẹ ó rí i pé ìṣẹ́jú àáyá bíi 15 ti lọ, aṣọ kankan ò tíì hàn. Àlejò kò mọ̀ ọ́n rí. Ohun tó gbé e wá ni pé aṣọ kan fẹ́ bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ibi tí aṣọ ti ń bàjẹ́ yẹn ni kí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ ló máa ń rán bùbá tán tí ọrùn rẹ̀ á ká jọ, tí kò ní sùn sílẹ̀ dáadáa. Ohun tó sábà máa ń fà á ni pé wọn ò fi sísọ́ọ̀sì gé etí aṣọ tó ṣẹ́kù lẹ́yìn ojú ìrán wẹ́wẹ́ yíká kí wọ́n tó yí i padà. Bí aránṣọ wa bá fi èyí hàn, iṣẹ́ rẹ̀ ti jẹ́rìí fún un kó tó dárúkọ ara rẹ̀.

Kó fa ìlà sí àárín ìwé. Ohun tí ojú yóò rí wà lápá òsì, ohun tí ẹnu yóò sọ wà lápá ọ̀tún. Bí ẹnu bá ń sọ ohun tí ojú ti rí, kó pa gbólóhùn yẹn rẹ́. Ohun tí ẹnu yóò sọ nìyí lẹ́yìn tó bá ti tún un kọ:

“Ṣé ọrùn bùbá yín máa ń ká jọ báyìí? Ẹ gé etí rẹ̀ wẹ́wẹ́ yíká, ẹ má ṣe kan ojú ìrán. Ẹ wá yí i padà. Ẹ wò ó bó ṣe sùn sílẹ̀.

“Níbí, aṣọ kan là ń rán nínú fídíò kan, láti orí wíwọ̀n títí dé orí lílọ̀, Yorùbá la sì fi ń ṣàlàyé. Bí ẹ ò bá tíì di sísọ́ọ̀sì mú rí, ẹ ó lè bá wa rán an.

“Fídíò tuntun ń jáde ní Sátidé kìíní àti Sátidé kẹta nínú oṣù, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, aago Nàìjíríà.

“Ẹ tẹ Subscribe, ká jọ rán èyí tó kàn.”

Bí ó bá kà á pẹ̀lẹ́, tó sì fàyè sílẹ̀ fún ọwọ́ láti gé etí aṣọ náà, kò yẹ kó ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹ kíyè sí i pé kò kí “ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá wa bọ̀.” Àwọn yẹn kọ́ ni fídíò yìí wà fún. Nínú YouTube Studio, lábẹ́ Customization, àyè tí a ń fi í sí ń jẹ́ “Channel trailer for people who haven't subscribed”. Àyè tiwọn wà lọ́tọ̀.

Kí ló dé tí kò fi sọ pé “gbogbo Sátidé”? Kó tó kọ gbólóhùn yẹn, ó yẹ kó ṣí ibi tí àwọn fídíò rẹ̀ tò sí nínú YouTube Studio, kó wo ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jáde. Bó bá rí i pé ọjọ́ 12 tàbí 13 máa ń wà láàárín méjì nígbà tí iṣẹ́ oníbàárà pọ̀, àgàgà ní Iléyá àti oṣù Kejìlá, “ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀” kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó lè mú ṣẹ. Ìgbà tí iṣẹ́ wọ̀ ọ́ lọ́rùn jù ni kó fi ṣe òṣùwọ̀n àdéhùn. Ó tún dára kí fídíò méjì ti wà nílẹ̀ ní pípé kó tó gbé fídíò àfihàn jáde.

“Aago Nàìjíríà” tó wà níbẹ̀ kì í ṣe àfikún lásán. Nàìjíríà kì í yí aago padà, Kútọnu sì bá a dọ́gba, àmọ́ Lọ́ńdọ̀nù ń yí tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Aago mẹ́rin tiwa jẹ́ mẹ́rin lọ́dọ̀ wọn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ó sì jẹ́ mẹ́ta nígbà òtútù. Ní Niú Yọ́ọ̀kì, mọ́kànlá àárọ̀ ni nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mẹ́wàá nígbà òtútù. Ọmọ Yorùbá tó wà lọ́hùn-ún lè wò ó láì pa oorun rẹ̀ dà. Bí fídíò bá ń jáde ní aago méje àárọ̀ tiwa, òru ni wọ́n wà.

Ọ̀rọ̀ bíi “láìpẹ́” àti “ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀” kò gbọdọ̀ wọlé rárá. Ẹni tí yóò wo fídíò yìí lè dé lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, kò sì ní mọ ọ̀sẹ̀ tí ẹ ń wí. Èyí ṣe pàtàkì torí pé YouTube kì í gbà ká fi fídíò míì rọ́pò èyí tí a ti gbé sókè. Ẹ lè gé apá kan kúrò nínú rẹ̀, ẹ ò lè fi ọ̀rọ̀ tuntun síbẹ̀. Nítorí náà, mo gba aránṣọ wa nímọ̀ràn pé kó ya gbólóhùn Sátidé lọ́tọ̀, kó dánu dúró díẹ̀ ṣáájú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀. Bí ọjọ́ bá yí padà, yóò lè yọ ọ́ láìba ìyókù jẹ́, títí tí yóò fi ya òmíràn.

Lẹ́yìn tí èèyàn bá ti wò ó dáadáa, kó ṣí Analytics fídíò náà, kó wo ìlà tó ń fi ibi tí àwọn òǹwòran ti ń kúrò hàn. Bí ìlà náà bá já wálẹ̀ lójijì, kó wo ìṣẹ́jú àáyá tó ti já, kó padà sínú ìwé rẹ̀, kó wá gbólóhùn tó bọ́ síbẹ̀. Bó bá jẹ́ àárín gbólóhùn kejì ni, ó ṣeé ṣe kí àlàyé ti gùn jù. Bí ìlà bá wà lókè títí dé gbólóhùn Sátidé, àmọ́ tí iye àwọn tó tẹ Subscribe láti orí fídíò náà kò kúrò lójú kan, kó lọ wo ojú ewé ìkànnì fúnra rẹ̀. Bóyá fídíò tí àlejò rí lábẹ́ ibẹ̀ jẹ́ ti ayẹyẹ ìgbéyàwó ẹbí, kò sì sí bùbá kankan níbẹ̀.