Aṣọ òtútù: Bí o ṣe lè tọ́jú súwẹ́tà àti ṣóòlù ọmọ lásìkò òjò tí kòkòrò kò fi ní jẹ ẹ́, àti ìdí tí káńfọ̀ fi léwu fún ìkókó

Tó bá di oṣù Kejìlá sí oṣù Kìíní, ó ṣòro kéèyàn máa gbé ní ìlú Jọ́s láì ní súwẹ́tà. Orí òkè tó ga tó bíi 1,200 mítà ni ìlú náà wà, ọyẹ́ ibẹ̀ kì í sì í ṣe eré.

Àmọ́ tí ooru oṣù Kẹta bá ti dé, súwẹ́tà á padà sínú àpótí, ó di ìgbà tí òjò bá dá kó tó tún jáde. Inú oṣù mélòó kan yìí ni kòkòrò máa ń dá a lu, tí ọ̀rinrin sì máa ń mú kó rùn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ìdílé ní Nàìjíríà fi ń dènà èyí ni káńfọ̀. Tó bá jẹ́ pé aṣọ ìkókó wà nínú àpótí náà, káńfọ̀ yìí léwu ju kòkòrò lọ.

Kí ló ń jẹ aṣọ gan-an?

Kòkòrò kékeré oníyẹ̀ẹ́ tó máa ń fò jáde nínú wọ́dúróòbù kọ́ ló ń jẹ aṣọ. Èyí tó ti dàgbà nínú wọn kì í jẹun rárá. Ẹyin tó bá yé sára aṣọ ló ń di ìdin, ìdin náà ló sì ń dá ihò sí i.

Irun ẹranko ni ìdin yìí ń wá. Ó máa ń jẹ wúùlù tí wọ́n fi irun àgùntàn ṣe, àmọ́ kì í sábà fọwọ́ kan súwẹ́tà tí wọ́n fi òwú àtọwọ́dá hun.

Tí o kò bá mọ èyí tí tìrẹ jẹ́, fa fọ́nrán òwú kan yọ níbi tí kò hàn, kí o sì tanná sí i níta. Wúùlù á rùn bí irun tó jóná, eérú rẹ̀ á sì fọ́ lọ́wọ́ rẹ. Òwú àtọwọ́dá á yọ́, á wá le bí ìlẹ̀kẹ̀ kékeré.

Ìdin fẹ́ràn aṣọ tí òógùn tàbí oúnjẹ wà lára rẹ̀ ju èyí tó mọ́ lọ. Nítorí náà, súwẹ́tà tí o wọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, tí o wá ká sínú àpótí láì fọ̀, oúnjẹ lo gbé kalẹ̀ fún un.

Bí o ṣe máa tọ́jú rẹ̀

Ká ní káádígan oníwúùlù kan lo fẹ́ kó pamọ́. Fi omi tútù àti ọṣẹ tí kò le fọ̀ ọ́. Má ṣe fún un bí o ṣe ń fún jíǹsì. Tẹ́ táwẹ́lì sílẹ̀, ká káádígan náà mọ́ inú rẹ̀, kí o sì fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kí omi lè jáde.

Orí nǹkan tó tẹ́jú ni kí o sá a sí, lábẹ́ ibòòji. Omi máa ń mú kí aṣọ híhun wúwo, tí o bá fi kọ́ sórí okùn, ìwúwo yẹn á fà á gùn. Bákan náà ni hángà ṣe máa ń yọ èjìká rẹ̀ síta bí ìwo. Kíká ló yẹ ẹ́, kí èyí tó wúwo jù wà nísàlẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kù díẹ̀ káàtó ni gbígbẹ. Ara aṣọ lè gbẹ kí ìdí ọwọ́ àti abẹ́ apá sì rin. Tí o bá wá fi náílọ́ọ̀nù dì í pa, ọ̀rinrin náà kò ní ríbi jáde, aṣọ á bu, á sì máa rùn. Fi ọjọ́ kan kún ọjọ́ tó o rò pé ó ti gbẹ, kó o tó kó o sínú báàgì tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀. Má ṣe gbé e ti ògiri tó ń rin lásìkò òjò.

Lóṣooṣù, yan ọjọ́ tí oòrùn ràn, kí o tú u, kí o gbọ̀n ọ́n, kí o sì fi búrọ́ọ̀ṣì gbá ojú rírán rẹ̀. Tí o bá rí nǹkan bí iyanrìn tó ní àwọ̀ aṣọ náà, tàbí okùn wẹ́wẹ́ bí òwú aláǹtakùn, ìdin ti wà níbẹ̀. Súwẹ́tà òkìríkà ni kí o kọ́kọ́ fura sí, torí ó lè gbé ẹyin kòkòrò wọlé. Má ṣe kó o mọ́ tilé láì tíì fọ̀ ọ́.

Káńfọ̀ àti ìkókó

Púpọ̀ nínú àwọn róbótó funfun tí wọ́n ń tà ní káńfọ̀ ló jẹ́ kẹ́míkà náfítálíìnì. Òórùn rẹ̀ máa ń wọ aṣọ, ọmọ á fà á símú, ó sì ń gba awọ ara wọlé.

Àwọn ọmọ kan wà tí èròjà G6PD kò tó lára wọn, èyí kò sì ṣọ̀wọ́n ní Nàìjíríà, pàápàá láàárín ọmọkùnrin. Nínú irú wọn, náfítálíìnì lè fọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, kí ojú àti awọ wọn wá di àwọ̀ ìyeyè. Tí èyí bá le, ó lè ba ọpọlọ ọmọ tuntun jẹ́ títí ayé, tàbí kó pa á. Ìyá kò sì lè fojú lásán mọ ọmọ tí ọ̀rọ̀ yìí kàn.

Nítorí náà, má ṣe fi káńfọ̀ sínú ṣóòlù, fìlà àti súwẹ́tà tí o ń tọ́jú de ọmọ tó ń bọ̀. Báàgì tó dì dáadáa ti tó fún aṣọ tó mọ́, tó sì gbẹ. Èyí tó ti gba òórùn káńfọ̀ tẹ́lẹ̀, fífọ̀ lẹ́ẹ̀kan kì í sábà mú un kúrò. Tí imú rẹ bá ṣì ń gbọ́ ọ, má wọ̀ ọ́ fún ìkókó.

Tí ojú ọmọ bá pọ́n rúsúrúsú, tí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú, tàbí tí kò fẹ́ mu ọyàn, bọ́ aṣọ náà kúrò lára rẹ̀, kí o sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Sọ fún dókítà pé aṣọ tó ní káńfọ̀ lo wọ̀ fún un.