Bí a ṣe ń kọ ìpinnu ìgbìmọ̀ tí ilé-iṣẹ́ bá fẹ́ yá owó ní báńkì

Bí ilé-iṣẹ́ kan ní Àjàṣẹ́ bá lọ yá owó ní báńkì, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi í ni pé: ta ló fún ẹni tó fẹ́ buwọ́ lùwé láṣẹ? Ìwé ìpinnu ìgbìmọ̀ ló ń dáhùn. Ilé-iṣẹ́ tí Faransé ń pè ní sosiete anonimu, tó ní ìgbìmọ̀ ìṣàkóso, là ń sọ o. Sáàlì kò ní irú ìgbìmọ̀ yìí.

Òfin Ohada tí wọ́n tún ṣe ní 2014 là ń tẹ̀ lé ní Bẹ̀nẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú ilé-iṣẹ́ kan tó ń fún epo pupa, ẹni 5 ló wà nínú ìgbìmọ̀ rẹ̀. Wọ́n pe gbogbo wọn sí ìpàdé. Ẹni 3 wá, ẹnì kan kọ lẹ́tà pé kí ẹlòmíì dìbò fún òun. Ìbò 4 nìyẹn, ó dáa. Àmọ́ ká ní ẹni 2 péré ló wá, tí àwọn 2 mìíràn rán lẹ́tà ńkọ́? Ìbò 4 náà ni, síbẹ̀ asán ni ìpinnu náà, torí òfin ní kí ìdajì ìgbìmọ̀ ó kéré tán wà níjokòó, a kì í sì í ka ẹni tó rán lẹ́tà mọ́ wọn. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Nítorí náà, ẹ kọ ọjọ́ àti ibi ìpàdé, orúkọ ẹni tó wá, ẹni tí wọ́n ṣojú fún, àti ẹni tí kò wá.

Lẹ́yìn náà ni ìpinnu fúnra rẹ̀. Faransé ni ẹ máa fi kọ ọ́ fún báńkì, ìtumọ̀ rẹ̀ rèé:

«Lẹ́yìn ìjíròrò, ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí i kí ilé-iṣẹ́ yá owó tí kò ju 30.000.000 fáráǹ sẹ́fà lọ lọ́wọ́ báńkì (orúkọ rẹ̀), fún oṣù 36, láti fi ra ẹ̀rọ ìfúnpo. Ó gbà kí a fi ilé ìkẹ́rùsí Àjàṣẹ́ (nọ́ńbà ìwé ilẹ̀ rẹ̀) ṣe ìdógò. Ó fún olùdarí àgbà (orúkọ rẹ̀) láṣẹ láti buwọ́ lu ìwé ẹ̀yáwó àti ìwé ìdógò, láì kọjá ohun tí a sọ yìí. Ìbò 4 ló gbà á, kò sẹ́ni tó kọ̀ ọ́.»

Ẹ má kàn kọ pé «ìgbìmọ̀ gbà ká yáwó». Bí ẹ kò bá sọ iye tí kò gbọdọ̀ kọjá, olùdarí lè yá ìlọ́po méjì. Bí ẹ kò bá sì dárúkọ ìdógò, báńkì á ní kí ẹ tún ìpàdé pè.

Alága ìpàdé àti ọmọ ìgbìmọ̀ kan, ó kéré tán, ló ń buwọ́ lù ú, nínú ìwé ńlá tí adájọ́ ti fi nọ́ńbà sí ojú ewé rẹ̀, tó ń gbé ní ilé-iṣẹ́. Ẹ̀dà tí alága tàbí olùdarí àgbà fọwọ́ sí ni báńkì ń gbà. Wọ́n máa wo ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú: ó gbọ́dọ̀ ṣáájú ọjọ́ tí ẹ buwọ́ lu ìwé ẹ̀yáwó.