Òǹwòran Tuntun Tí Kọ̀ǹpútà Kò Mọ̀

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2006, ilé iṣẹ́ Netflix ní Amẹ́ríkà gbé ìdíje kan kalẹ̀ tí ẹ̀bùn rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù kan dọ́là. Láyé ìgbà yẹn, àwo fíìmù ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sílé àwọn oníbàárà. Ẹni tó bá wo fíìmù tán á fún un ní máàkì, láti orí 1 títí dé 5. Netflix ti ní ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Cinematch, èyí tó ń sọ máàkì tí èèyàn máa fún fíìmù tí kò tíì wò. Ẹni tó bá lè dín àṣìṣe Cinematch kù ní ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń wá.

Wọ́n kó máàkì tó lé ní mílíọ̀nù 100 fún àwọn olùdíje. Ẹ jẹ́ ká tò ó sínú tábìlì: òǹwòran 480,189 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, fíìmù 17,770 wà lókè. Àpótí inú tábìlì náà ju bílíọ̀nù 8 lọ, àmọ́ nínú 100 àpótí, díẹ̀ ló fi ju ẹyọ kan lọ tó ní máàkì nínú. Gbogbo ìyókù ṣófo. Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ni láti mọ ohun tó yẹ kó wà nínú àwọn tó ṣófo yẹn.

Ọ̀nà tó gbajúmọ̀ jù lọ nínú ìdíje náà ni títú tábìlì ńlá sí kékeré méjì, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní mátíríìsì fakitọraisẹ́ṣọ̀n. Olùdíje kan tó ń lo orúkọ Simon Funk ló jẹ́ kó tàn kálẹ̀ nígbà tó ṣàlàyé ìṣirò rẹ̀ ní gbangba ní oṣù Kejìlá ọdún 2006, kò fi pa mọ́ fún àwọn tí wọ́n jọ ń du mílíọ̀nù kan. Nínú tábìlì kékeré àkọ́kọ́, òǹwòran kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà díẹ̀, bíi 40. Nínú èkejì, fíìmù kọ̀ọ̀kan ní iye nọ́ńbà kan náà. Ẹnikẹ́ni kì í sọ fún kọ̀ǹpútà pé nọ́ńbà yìí dúró fún fíìmù ìfẹ́, tọ̀hún dúró fún fíìmù ogun. Òun fúnra rẹ̀ ló ń wá wọn títí wọ́n á fi bá máàkì tí àwọn èèyàn ti fi sílẹ̀ mu. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyí:

```
r̂ = μ + b_u + b_i + p_u · q_i
```

Ẹ má ṣe jẹ́ kó dẹ́rù bà yín. `μ` ni ìpíndọ́gba gbogbo máàkì, tó jẹ́ nǹkan bí 3.6 nínú détà Netflix. `b_u` ń sọ bóyá òǹwòran yìí jẹ́ ẹni tó ń ṣahun máàkì tàbí ẹni tó lawọ́. `b_i` ń sọ bí fíìmù náà ṣe dùn mọ́ gbogbo ayé tó. Èyí tó gbẹ̀yìn ni ibi tí ìfẹ́ ọkàn òǹwòran ti ń pàdé ìwà fíìmù.

Ká ní nọ́ńbà méjì péré la fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Òǹwòran kan ń ṣahun díẹ̀, −0.2, fíìmù kan gbajúmọ̀, +0.4. Nọ́ńbà òǹwòran ni (0.8, −0.5), ti fíìmù ni (1.0, 0.6). Ẹ sọ wọn di púpọ̀ ní méjì méjì, kí ẹ ro ó pọ̀: 0.8 yọ 0.3 kúrò, ó ku 0.5. Àròpọ̀ gbogbo rẹ̀ jẹ́ 4.3. Bí òǹwòran náà bá wá fún fíìmù yìí ní 5 gan-an, àṣìṣe wa jẹ́ 0.7, kọ̀ǹpútà á sì fi àṣìṣe yìí sún nọ́ńbà méjèèjì díẹ̀ kí ìṣirò lè sún mọ́ 5. Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn lórí gbogbo máàkì, lóríṣiríṣi ìgbà. Àpótí tó bá ní máàkì nìkan ló lè sún nọ́ńbà. Àpótí tó ṣófo kì í sún ohunkóhun.

Ibí yìí gan-an ni àwọn tó ń ṣe intafíù fún iṣẹ́ yìí máa ń tẹ̀. Ìbéèrè wọn kì í sábà jẹ́ pé kí ẹ ka ìtumọ̀. Wọ́n á ní: "Òǹwòran kan forúkọ sílẹ̀ láàárọ̀ yìí. Kí ni módẹ́lì yín máa fi hàn án?" Ọ̀pọ̀ á dáhùn pé àwọn fíìmù tó gbajúmọ̀ ni. Ìdáhùn náà tọ̀nà, àmọ́ ìdí rẹ̀ ni olùbéèrè ń fẹ́ gbọ́. Ẹni tuntun kò ní máàkì kankan, nítorí náà kò sí ohun tó sún `b_u` tàbí `p_u` rẹ̀. Òdo ni ká kà wọ́n sí. Ohun tó kù kò ju `μ + b_i` lọ, gbogbo àlejò á sì rí àtòjọ kan náà. Bó bá jẹ́ fíìmù ló jẹ́ tuntun, ọ̀rọ̀ burú sí i: `μ + b_u` ló kù, gbogbo fíìmù tuntun gba máàkì kan náà lọ́dọ̀ òǹwòran kan, kò sí èyí tó ṣíwájú èkejì. Bí wọn ò bá sì fi fíìmù náà han ẹnikẹ́ni, ta ló máa fún un ní máàkì? Ìṣòro yìí ni wọ́n ń pè ní kóòdù sitáàtì.

Olùbéèrè á tún tẹ̀ síwájú: "Àlejò yẹn ti wá fún fíìmù kan ní 5. Ṣé ẹ máa tún módẹ́lì kọ́ látìbẹ̀rẹ̀ ni?" Rárá o. Ẹ fi nọ́ńbà àwọn fíìmù sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, kí ẹ wá ti àlejò nìkan. Fíìmù wa àná ni, (1.0, 0.6), máàkì tí a retí fún un sì jẹ́ 3.6 àti 0.4, ìyẹn 4.0. Àlejò fi 1.0 kún un. Ẹ mú 1.0 yìí, ẹ fi sọ nọ́ńbà fíìmù di púpọ̀, kí ẹ wá pín in pẹ̀lú àròpọ̀ ìlọ́po-méjì nọ́ńbà fíìmù náà (1.00 àti 0.36) àti ìjánu kan tí wọ́n ń kọ báyìí: `λ`. Bí ìjánu bá jẹ́ 0.64, a ó fi 2 pín in, nọ́ńbà àlejò á sì di (0.5, 0.3). Fíìmù mìíràn tó ní (0.9, 0.1) á gba 0.48 kún ohun tó ní tẹ́lẹ̀. Èyí tó ní (−1.0, 0.5) á pàdánù 0.35. Máàkì ẹyọ kan péré ti mú kí àtòjọ àlejò yàtọ̀ sí ti gbogbo èèyàn.

Iṣẹ́ ìjánu ni pé kì í jẹ́ kí a gba ẹ̀rí kan gbọ́ jù. Bí a bá yọ ọ́ kúrò, nọ́ńbà àlejò á di nǹkan bíi (0.74, 0.44), ìṣirò á bá 5 rẹ̀ mu géérégé, bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ ọmọ rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́.

Ti fíìmù tuntun yàtọ̀, nítorí a mọ nǹkan nípa rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó wò ó: èdè rẹ̀, olùdarí rẹ̀, àwọn òṣèré rẹ̀. A lè fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí àròpọ̀ wọn jẹ́ nọ́ńbà fíìmù náà. Ìyẹn náà kò pé, torí fíìmù méjì látọwọ́ olùdarí kan náà lè jìnnà síra wọn bí ojú ọ̀run. Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ fi han àwọn òǹwòran díẹ̀, ká sì gbà pé àwọn kan nínú wọn lè má gbádùn rẹ̀.

Ìbéèrè tó ń gbé ọ̀pọ̀ ṣubú ló máa ń gbẹ̀yìn: "Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ó ṣiṣẹ́ fún àlejò?" Ẹni tó bá kàn ṣa máàkì díẹ̀ pa mọ́ láti inú tábìlì, tó wá fi dán módẹ́lì wò, kò tíì dán kóòdù sitáàtì wò rárá. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo òǹwòran tó wà nínú ìdánwò náà ló ṣì ní máàkì mìíràn tí módẹ́lì ti rí. Àṣìṣe á kéré, inú oníṣẹ́ á dùn, àwọn àlejò ò ní rí ire kankan nínú rẹ̀. Òǹwòran látòkèdélẹ̀ ló yẹ ká gbé pa mọ́, ká fi máàkì wọn hàn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ká máa wo àṣìṣe lẹ́yìn òdo, lẹ́yìn ẹyọ kan, lẹ́yìn márùn-ún. Ẹ fi `μ + b_i` lásán wé e. Bí ìṣirò yín kò bá dára jù ú lọ, a jẹ́ pé ẹ kò tíì ṣe nǹkan kan.

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra sílẹ̀ fún irú intafíù yìí, détà MovieLens 100K ti Yunifásítì Minnesota wà lọ́fẹ̀ẹ́: òǹwòran 943, fíìmù 1,682. Ẹ lò ó, ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé wọ́n ti yọ gbogbo ẹni tí máàkì rẹ̀ kò tó 20 kúrò nínú rẹ̀. Kò sí àlejò kankan níbẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa fi ọwọ́ yín dá wọn sílẹ̀.